Àmì Ìsàlẹ̀ Ni Kí Ẹ Fi Wọn Lẹ́tà: Àkọlé Fídíò Lórí Fóònù Kékeré

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ẹlẹ́dìítì, ẹ̀yin oníkámẹ́rà, ẹ̀yin tí ẹ ń ká fídíò òde kiri Èkó. Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí àkọlé ìsàlẹ̀, ìyẹn orúkọ àti ipò tí a máa ń kọ sábẹ́ àwòrán nígbà tí ẹnìkan bá ń sọ̀rọ̀, èyí tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń pè ní lówà-táàdì. Ohun tí ènìyàn lè sọ nípa rẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n ẹyọ kan ni mo fẹ́ ká jókòó tì lónìí: báwo ni orúkọ Yorùbá, tòun ti àmì orí àti àmì ìsàlẹ̀ rẹ̀, ṣe máa ṣeé kà lójú fóònù ẹni tó jókòó sínú dáńfó láti Ọ̀ṣòdì sí Ọbaléńdé?

Ẹ jẹ́ ká mú iṣẹ́ kan bí àpẹẹrẹ. Ẹ ká fídíò ní ọjà Balógun, ẹ fọ̀rọ̀ wá ìyá kan tó ń ta àǹkárá lẹ́nu wò. Ìyá Ẹ̀bùn ni gbogbo ọjà ń pè é, òun náà sì ní kí ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ìlà méjì ló máa wà lábẹ́ àwòrán: “Ìyá Ẹ̀bùn” lókè, “Oníṣòwò àǹkárá, ọjà Balógun, Erékùṣù Èkó” nísàlẹ̀. Férémù fídíò jẹ́ 1920 × 1080. Ẹ wá táńpélétì ọ̀fẹ́ kan: orúkọ jẹ́ píkísẹ́lì 48, ipò jẹ́ 30, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ aláwọ̀ wúrà sì fà láàárín àwọn méjèèjì. Lórí mọ́nítọ̀ íǹṣì 24 tó wà ní ṣọ́ọ̀bù yín ní Yábàá, ó dùn ún wò. Ẹ gbé e jáde, ó di alẹ́, àwọn ènìyàn ń béèrè pé, “Ta ni mọ́mì yìí?” Orúkọ wà níbẹ̀ o. Wọn ò rí i kà ni.

Píkísẹ́lì kì í ṣe ìwọ̀n tí ojú mọ̀. Mílímítà ni ojú mọ̀. Mọ́nítọ̀ íǹṣì 24 yẹn ga tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 30, nítorí náà lẹ́tà píkísẹ́lì 48 gùn ju sẹ̀ǹtímítà kan lọ lórí rẹ̀. Ẹ wá wo fóònù. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í yí fóònù sí ìbú. Wọ́n á dì í mú lóòró bẹ́ẹ̀, fídíò á sì kéré sí òkè ojú rẹ̀. Fífẹ̀ ojú fóònù lóòró jẹ́ bíi sẹ̀ǹtímítà 7. Tí fídíò tó fẹ̀ bá wọ inú sẹ̀ǹtímítà 7, gíga rẹ̀ kò tó sẹ̀ǹtímítà 4. Gbogbo píkísẹ́lì 1080 tí ẹ fi ń yangàn ti wọ inú mílímítà 39. Ẹ pín in, ẹ óò rí i pé píkísẹ́lì 28 ló ń ṣe mílímítà kan. Ẹ fi nọ́ḿbà yẹn sọ́kàn, torí òun ni mo máa ń lò kí n tó fọwọ́ kan táńpélétì ẹnikẹ́ni. Orúkọ Ìyá Ẹ̀bùn tó jẹ́ 48 ti di mílímítà 1.7. Ipò rẹ̀ tó jẹ́ 30 ti di mílímítà kan lé díẹ̀, ìyẹn láti orí lẹ́tà tó ga jù dé ìdí lẹ́tà tó wálẹ̀ jù. Kò sí ìwé ìròyìn tó máa tẹ irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ fún àgbàlagbà.

Ìwé ìròyìn tí mo dárúkọ yìí fún wa ní ibi tí a lè dúró lé. Lẹ́tà inú ìwé ìròyìn máa ń wà ní nǹkan bíi póìǹtì 9, ìyẹn mílímítà 3.2. Tí ẹ bá fẹ́ kí lẹ́tà yín tó bẹ́ẹ̀ lójú fóònù, ẹ sọ 3.2 di ìlọ́po 28, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 90. Àwọn ènìyàn máa ń mú fóònù súnmọ́ ojú ju ìwé ìròyìn lọ, nítorí náà ẹ lè wá sísàlẹ̀ díẹ̀, sí 80 tàbí 84. Ẹ óò rí i pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìlọ́po méjì ohun tí táńpélétì gbé kalẹ̀. Àwọn tó ṣe ọ̀pọ̀ táńpélétì wọ̀nyẹn ń wo mọ́nítọ̀ ńlá nígbà tí wọ́n ń ṣe é, wọn ò sì ní Ìyá Ẹ̀bùn lọ́kàn.

Ìwé ìròyìn nìkan kò tó láti fi pinnu. Ohun tó kéré jù lára orúkọ wa ni àmì ìsàlẹ̀, ààmì kóńkó tó wà lábẹ́ ẹ, ọ àti ṣ. Bí òun bá yè, gbogbo yòókù á yè. Nínú ọ̀pọ̀ fọ́ǹtì, ìbú àmì yẹn jẹ́ nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́sàn-án ìwọ̀n lẹ́tà, ó lè dín, ó lè lé. Nínú lẹ́tà 48, kò ju píkísẹ́lì márùn-ún lọ. Ẹ wá rántí pé kì í ṣe 1080 ni ẹni tó wà nínú dáńfó ń wò. Dátà wọ́n, nẹ́tíwọ̀kì ń já lórí Third Mainland Bridge, YouTube á sì rọra gbé e wálẹ̀ sí 360p tàbí 240p láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Láti 1080 sí 240, ẹ pín gbogbo nǹkan sí 4.5. Àmì tó jẹ́ píkísẹ́lì márùn-ún ti di ẹyọ kan. Ẹyọ píkísẹ́lì kan kì í dúró nínú fídíò tí wọ́n ti fún pọ̀. Yóò tàn yìí, yóò kú, yóò tún tàn. Ó kéré tán, mo máa ń fẹ́ kí àmì náà tó píkísẹ́lì méjì ní 240p, ìyẹn mẹ́sàn-án ní 1080. Mẹ́sàn-án lọ́nà mẹ́sàn-án jẹ́ 81. Ẹ óò rí i pé ọ̀nà méjèèjì, ti ìwé ìròyìn àti ti àmì ìsàlẹ̀, gbé wa dé ibì kan náà.

Nítorí náà Ìyá Ẹ̀bùn di 84. Ipò ńkọ́? Ipò lè kéré jù bẹ́ẹ̀, mo fi í sí 64, tó jẹ́ mílímítà 2.3. Ìdí ni pé ẹni tó rí “Oníṣòwò” tí àmì kan ti sá kúrò lára rẹ̀ ṣì máa mọ̀ ọ́n, àǹkárá kún ẹ̀yìn ìyá náà. Orúkọ ènìyàn kò ní ohun tó máa ràn án lọ́wọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ gé ipò náà kúrú pẹ̀lú. “Ọjà Balógun, Erékùṣù Èkó” lè wà nínú àkọlé ìbẹ̀rẹ̀ fídíò nígbà tí ẹ ń fi ọjà hàn láti òkè. Kò yẹ kó tún wá fún ìyá náà lọ́rùn. “Oníṣòwò àǹkárá” tó.

Mo mọ ohun tí àwọn kan ń rò báyìí: àkọlé náà ti tóbi jù, ó máa bo àwòrán. Ẹ jẹ́ ká wọ̀n ọ́n. Ìlà orúkọ àti ìlà ipò pẹ̀lú àlàfo wọn àti etí pátákó ẹ̀yìn lókè àti nísàlẹ̀ máa ga tó 275, bí ìdá kan nínú mẹ́rin gíga férémù. Ìyẹn lè dẹ́rù bani. Ṣùgbọ́n fífẹ̀ rẹ̀ kò ju 560 nínú 1920 lọ, nítorí pé a ti gé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kúrú. Gbogbo ilẹ̀ tó gbà kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá àwòrán. Ọ̀pá gígùn tó fà láti etí dé etí bíi tàwọn ilé ìròyìn máa ń gba ilẹ̀ ju èyí lọ, lẹ́tà inú rẹ̀ á sì tún kéré sí i.

Ó kù sí ọwọ́ fọ́ǹtì, ibẹ̀ ni wàhálà pọ̀ sí. Ẹ wo bí kọ̀ǹpútà ṣe ń kọ lẹ́tà wa. Nínú Unicode, ìlànà tó fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ḿbà tirẹ̀, lẹ́tà ẹ ní àyè tirẹ̀, U+1EB9 ni. Lẹ́tà ọ náà ní, U+1ECD. Lẹ́tà ṣ ní, U+1E63. Ṣùgbọ́n ẹ tó ní àmì ohùn lórí, bíi ẹ́ tàbí ẹ̀, kò ní àyè tirẹ̀. Ẹ lẹ́yọ kan ni, lẹ́yìn náà àmì ohùn tó dá dúró, fọ́ǹtì ló sì máa gbé èkejì lé èkíní lórí. Fọ́ǹtì tí ẹni tó ṣe é kò ronú nípa irú èyí kò mọ ibi tó yẹ kó gbé e sí. Àmì á yẹ̀ sọ́wọ́ ọ̀tún, yóò jókòó sórí b tó tẹ̀lé e, tàbí kó wọ inú lẹ́tà lọ. Nígbà mìíràn fọ́ǹtì náà kò ní ẹ rárá, sọ́fítíwìà á sì lọ yá a láti inú fọ́ǹtì mìíràn. Ẹ óò mọ̀ ọ́n: gbogbo orúkọ ki, Ẹ nìkan ló rù. Tàbí kẹ́ ẹ rí àpótí òfìfo níbi tó yẹ kí lẹ́tà wà.

Kí ẹ tó fọwọ́ sí fọ́ǹtì kankan, ẹ tẹ ìlà yìí sínú rẹ̀, kí ẹ sì sọ ọ́ di ńlá kí ẹ lè wò ó dáadáa:

```
Ẹ́ ẹ̀ Ọ́ ọ̀ Ṣ ṣ ǹ m̀ Ẹ̀bùn Ọ̀ṣun
```

Noto Sans yege nínú ìdánwò yìí, Andika náà yege, ọ̀fẹ́ sì ni àwọn méjèèjì. Andika kò lẹ́wà bíi ti òde ìgbéyàwó, mo gbà, ṣùgbọ́n àwọn tí ń kọ́ ìwé kíkà ni wọ́n tìtorí wọn ṣe é, àwọn lẹ́tà rẹ̀ kì í jọra wọn. Ohun tí mo ń bẹ̀ yín pé kí ẹ má ṣe ni kí ẹ tẹ àmì ìdánudúró, kí ẹ wá fọwọ́ tì í sábẹ́ o kó lè jọ ọ. Ní ọjọ́ tí oníbàárà bá ní kí ẹ tún orúkọ náà ṣe, ààmì yẹn á dúró níbi tó wà, orúkọ á sì ti lọ. Bákan náà, àwọn ìrìn tó ń mú lẹ́tà wọlé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan lè ya àmì ohùn sọ́tọ̀ nínú àwọn sọ́fítíwìà kan: lẹ́tà á wọlé, àmì á tún máa bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí orúkọ wọlé lẹ́ẹ̀kan náà.

Fọ́ǹtì lè dára síbẹ̀ kí àmì tún kú sọ́wọ́ wa. Ìlà wúrà tó fà lábẹ́ orúkọ nínú táńpélétì yẹn ni ọ̀tá àkọ́kọ́. Lójú fóònù, àmì ìsàlẹ̀ á lẹ̀ mọ́ ìlà náà, Ẹ̀bùn á sì di Èbùn. Ẹ yọ ọ́ kúrò, tàbí kẹ́ ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kó dúró lóòró. Ọ̀tá kejì ni etí dúdú tí a máa ń fi yí lẹ́tà ká. Àlàfo tó wà láàárín ọ àti àmì rẹ̀ kò tó nǹkan. Tí ẹ bá fi píkísẹ́lì mẹ́rin yí lẹ́tà ká, tí ẹ tún fi mẹ́rin yí àmì ká, àlàfo náà ti kún. Lẹ́tà tó ki jù náà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Lẹ́tà tó ki níwọ̀nba ni kí ẹ mú. Ẹ̀kẹta, kíkọ gbogbo rẹ̀ ní lẹ́tà ńlá: ÌYÁ Ẹ̀BÙN. Àmì ohùn lórí lẹ́tà ńlá máa ń ga kọjá òkè ìlà, tí pátákó ẹ̀yìn bá sì fún mọ́ ọn, ó máa gé e lórí. Ibi tó ti ń burú jù ni ìlà méjì: àmì ìsàlẹ̀ ìlà òkè àti àmì ohùn ìlà ìsàlẹ̀ á pàdé láàárín, ẹni tó ń kà á kò ní mọ èyí tó jẹ́ ti ta ni. Lẹ́tà kékeré pẹ̀lú àlàfo ìlà tó jẹ́ 1.4 tàbí 1.5 ìwọ̀n lẹ́tà ń gba wá lọ́wọ́ èyí. Táńpélétì ìlú òyìnbó sábà máa ń fi í sí 1.1 tàbí 1.2.

Ẹ jẹ́ ká kọjá sí àwọ̀, n kò ní pẹ́ níbẹ̀. Fídíò tí a ń wò lórí ayélujára kì í fi àwọ̀ pa mọ́ bó ṣe ń fi ìmọ́lẹ̀ pa mọ́. Ìmọ́lẹ̀ ní ìwọ̀n tirẹ̀ fún píkísẹ́lì kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n píkísẹ́lì mẹ́rin ló ń pín àwọ̀ kan lò. Nítorí náà pupa lórí aláwọ̀ ewé, tí ìmọ́lẹ̀ àwọn méjèèjì súnmọ́ra, máa ń wọnú ara wọn bí aṣọ tó ń ṣí. Ìyàtọ̀ ìmọ́lẹ̀ ni kí ẹ máa wá. Ìlànà WCAG tí àwọn oníwẹ́ẹ́bù ń lò ní kí ìyàtọ̀ yẹn tó 4.5 sí 1 fún lẹ́tà kékeré. Funfun lórí dúdú jẹ́ 21. Funfun lórí àwọ̀ ewé àsíá Nàìjíríà, #008751, ju 4.5 lọ bín-ń-tín báyìí. Funfun lórí ìyeyè tó mọ́lẹ̀ kò ju 1 àti díẹ̀ lọ, síbẹ̀ mo ń rí i nínú fídíò òwàmbẹ̀ lójoojúmọ́.

4.5 yẹn pàápàá, nínú iyàrá ni o. Ká sọ pé iná ti lọ, bátìrì ń tán, ẹni náà ti dín ìmọ́lẹ̀ fóònù rẹ̀ kù sí ìwọ̀n 100. Oòrùn ọ̀sán ń ta lójú fóònù, ó sì ń fi 50 kún gbogbo ohun tó wà níbẹ̀, dúdú àti funfun. Funfun di 150, dúdú tó yẹ kó jẹ́ òdo di 50. 21 yẹn ti di 3. Tí pátákó ẹ̀yìn yín bá wá jẹ́ eérú tó wà ní 40, ó di 150 sí 90, kò tó 2. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń lo pátákó tó dúdú pátápátá tàbí aró tó ṣú, pẹ̀lú lẹ́tà funfun, tí n kò sì jẹ́ kó ṣeé rí kọjá.

Kí ẹ tó gbé iṣẹ́ jáde, ẹ fi àṣẹ kékeré yìí, tó ń lo ètò kọ̀ǹpútà tó ń jẹ́ ffmpeg, ba fídíò náà jẹ́ fúnra yín:

```
ffmpeg -i balogun.mp4 -vf scale=-2:240 -c:v libx264 -crf 34 -c:a copy idanwo.mp4
```

Bí nọ́ḿbà `-crf` bá ṣe ga tó ni fídíò á ṣe bàjẹ́ tó. Ẹ gbé `idanwo.mp4` sórí fóònù, ẹ dín ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kù sí ìdajì, ẹ jáde síta ní ọ̀sán. Ẹ má fún ẹni tó mọ orúkọ náà wò. Ojú rẹ̀ máa kà á tán kó tó rí i. Ẹ fún ẹlòmíràn, kẹ́ ẹ sì ní kó ka orúkọ náà sókè. Tó bá pè é ní “Èbùn” tàbí tó súnmọ́ fóònù kó tó sọ̀rọ̀, ẹ padà sórí kọ̀ǹpútà.

Àwọn ìbéèrè wá lẹ́yìn ọ̀rọ̀ náà, mo kọ mẹ́ta sílẹ̀.

Àǹtí kan tó ń ká fídíò ìgbéyàwó ní Súrùlérè ní, “Ẹ̀gbọ́n, oníbàárà mi kò fẹ́ kí ohunkóhun bo léèsì òun. Ó ní kí n jẹ́ kí pátákó náà ṣeé rí kọjá.” Mo ní kó má ṣe é. Léèsì ló burú jù láti kọ lẹ́tà lé, ihò rẹ̀ dúdú, òwú rẹ̀ funfun, ó sì ń mì bí obìnrin náà ṣe ń mí. Gbogbo dátà tó yẹ kó fi etí lẹ́tà hàn ni fídíò á ná sórí léèsì yẹn, lẹ́tà á wá máa hó. Ibi ìkáwòrán ni kí ẹ ti wá àyè. Ẹ jẹ́ kí ìyàwó dúró sí apá ọ̀tún férémù, kí apá òsì ṣófo, kí àkọlé lọ síbẹ̀. Gèlè rẹ̀ á pé, léèsì rẹ̀ á pé, orúkọ rẹ̀ náà á pé.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan béèrè bóyá òun lè gé fídíò tó fẹ̀ náà sí òró fún TikTok àti sítétọ́ọ̀sì WhatsApp, kí àkọlé náà bá a lọ bẹ́ẹ̀. Rárá o. Nínú fídíò òró, 1080 ti di fífẹ̀, ó sì kún gbogbo sẹ̀ǹtímítà 7 yẹn. Píkísẹ́lì 15 péré ló ń ṣe mílímítà kan níbẹ̀. 84 á wá ga ju mílímítà 5 lọ, orúkọ gígùn kò sì ní gbà mọ́. Píkísẹ́lì 48 tí mo bá wí ní ìbẹ̀rẹ̀ ló wá bá ibẹ̀ mu ní ti gíga, àmọ́ nítorí àmì ìsàlẹ̀, mo máa ń fi í sí 56 tàbí 60. Ibùdó rẹ̀ náà gbọ́dọ̀ yí padà. Ìsàlẹ̀ fídíò òró kì í ṣe tiwa: orúkọ ẹni tó gbé e síta, ọ̀rọ̀ tó kọ àti orúkọ orin ló ń jókòó síbẹ̀, àwọn bọ́tìnì ìfẹ́ràn àti kọ́méǹtì sì tò sí ọwọ́ ọ̀tún. Ẹ fi ìdá kan nínú mẹ́rin ìsàlẹ̀ sílẹ̀ pátápátá, kí ẹ sì dúró sí apá òsì. Nínú fídíò tó fẹ̀ pàápàá, ẹ gbé àkọlé sókè tó 120 láti ìsàlẹ̀ kí ọ̀pá ìṣíwájú YouTube má baà gun orí rẹ̀.

Ìbéèrè tó kẹ́yìn ni bó ṣe yẹ kó pẹ́ tó lójú. Ohun tí mo máa ń ṣe ni kí n ka àkọlé náà sókè lẹ́ẹ̀mejì, jẹ́jẹ́, pẹ̀lú ohùn rẹ̀, kí n sì fi ìṣẹ́jú àáyá kan kún un. Fún Ìyá Ẹ̀bùn, oníṣòwò àǹkárá, ó tó bí ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún sí mẹ́fà, mi ò sì ka ìgbà tó fi ń wọlé tàbí ìgbà tó fi ń jáde mọ́ ọn. Ẹ má mú un wọlé lórí ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ ìyá náà, torí ojú òǹwòran ṣì wà lójú rẹ̀ nígbà yẹn. Ẹ jẹ́ kó sọ gbólóhùn kan ná. Tí fídíò bá sì gùn kọjá ìṣẹ́jú méjì, ẹ tún gbé orúkọ náà wá lẹ́ẹ̀kan sí i láàárín, nítorí ọ̀pọ̀ ni kò wo ìbẹ̀rẹ̀.